Ṣíìtì ìsanwó: báwo la ṣe lè kun èyí tó wọlé lẹ́ẹ̀kejì nìkan, ká fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀?

Akápò_Àkúrẹ́

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará. Èmi ni akápò ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan níbí ní Àkúrẹ́. Tíránsífà ni gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ fi ń sanwó báyìí, wọ́n á wá ya fọ́tò rìsíìtì ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Èmi àti akọ̀wé la jọ ń kọ ọ́ sínú fáìlì Excel kan ṣoṣo. Òpó A ni déètì, B ni orúkọ, C ni Session ID tó wà lórí rìsíìtì, D ni iye owó.

Ibi tó ti ń dùn wá ni pé èmi á ti kọ rìsíìtì kan, akọ̀wé ò ní mọ̀, òun náà á tún kọ ọ́. Nígbà mìíràn, ọmọ ẹgbẹ́ gan-an ló máa fi rìsíìtì oṣù tó kọjá ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí oṣù bá parí, owó inú ìwé á ju ti báńkì lọ.

Mo lọ sí Conditional Formatting, mo mú Duplicate Values. Àtojúlówó àtèyí tó tún wọlé, gbogbo wọn ló pọ́n kuku. Ohun tí mo fẹ́ ni kí èyí àkọ́kọ́ wà bó ṣe wà, kí ẹlẹ́ẹ̀kejì àti èyíkéyìí tó bá tún tẹ̀lé e nìkan pọ́n, kí n lè mọ ìlà tí màá fagi lé. Ìlà wa ò ju 600 lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.

Délé_Bódìjà

Akápò, ìyẹn ò le rárá. Conditional Formatting náà ni, àmọ́ New Rule ni kí ẹ mú, kí ẹ wá mú èyí tó kẹ́yìn níbẹ̀, Use a formula to determine which cells to format. Ẹ kọ èyí sí i:

```
=COUNTIF($C$2:$C$600,C2)>1
```

Bí ẹ ò bá sì fẹ́ wàhálà kíkùn, ẹ lọ sí Data, ẹ tẹ Remove Duplicates. Yóò fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀, yóò pa gbogbo ìyókù rẹ́. Ìṣẹ́jú kan ni.

Ìyá_Ìbejì_Ìlá

Ẹ má bínú o, ọ̀rọ̀ yìí kàn mí lára díẹ̀. Ṣé nítorí pé èèyàn sanwó lẹ́ẹ̀mejì lóṣù lẹ ṣe fẹ́ fi pupa kun orúkọ rẹ̀? Nínú ẹgbẹ́ tiwa, ọkọ mi máa ń san díẹ̀ ní ìdajì oṣù, á san ìyókù lópin oṣù. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fi pupa sí iwájú orúkọ rẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, ó sì dùn ún gan-an.

Ọ̀dítọ̀_Abẹ́òkúta

Ẹ kú iṣẹ́, gbogbo ilé. Màmá Ìbejì, ẹ fọkàn balẹ̀. Kì í ṣe orúkọ ni Akápò fẹ́ wò, Session ID ni, orúkọ kan sì lè wà níbẹ̀ nígbà ogún láìjẹ́ pé àṣìṣe kan wà. Àmọ́ tíránsífà méjì kò lè ní Session ID kan náà. Bí ID kan bá hàn lẹ́ẹ̀mejì, rìsíìtì kan náà ni wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó jọ pé àwọn tó ṣe ìwé ẹgbẹ́ tiyín, orúkọ ni wọ́n fi ṣọ́ ọ, ìyẹn ni kò dára.

Délé, fọ́múlà yín ṣiṣẹ́ o, àmọ́ iṣẹ́ tí Duplicate Values ti ṣe fún Akápò náà ni yóò tún ṣe. Ẹ wò ó: ká ní ID kan wà ní ìlà 14, ó tún wà ní ìlà 57 àti 203. Láti orí `$C$2` dé `$C$600` lẹ ní kó kà, nítorí náà bó bá dé ìlà 14, mẹ́ta ni yóò rí. Ní ìlà 57, mẹ́ta. Ní ìlà 203, mẹ́ta. Gbogbo wọn ló ju ẹyọ kan lọ, gbogbo wọn á pọ́n. Ohun tí a fẹ́ ni kí ìlà kọ̀ọ̀kan wo òkè ara rẹ̀ nìkan, kó má mọ ohun tó wà nísàlẹ̀:

```
=COUNTIF($C$2:C2,C2)>1
```

Àmì dọ́là wà lára C2 àkọ́kọ́, kò sí lára ìkejì. Bí fọ́múlà náà bá ń sọ̀ kalẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ò ní kúrò lójú kan, òpin ni yóò máa bá a lọ. Ní ìlà 14 yóò ka C2 dé C14, yóò rí ẹyọ kan, kò ní kùn ún. Ní ìlà 57 yóò rí méjì, ní 203 yóò rí mẹ́ta, àwọn wọ̀nyẹn á pọ́n.

Ibì kan tó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà: kẹ́ ẹ tó ṣí New Rule, orí C2 ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yan àwọn àpótí wálẹ̀ dé C600. Bẹ́ ẹ bá tẹ lẹ́tà C tó wà lókè tí gbogbo òpó sì yàn, orí C1 ni Excel yóò ka fọ́múlà yẹn sí, àwọ̀ á sì máa bọ́ sórí ìlà tó wà lókè èyí tó yẹ kó pọ́n. Bẹ́ ẹ bá rí i pé pupa fi ìlà kan ga ju ibi tó yẹ, ohun tó fà á nìyẹn.

Ní ti Remove Duplicates, mo lòdì sí i nínú ìwé owó. Bó bá ti pa ìlà rẹ́ tẹ́ ẹ sì ti fi fáìlì pamọ́, kò sí ẹni tó lè mọ ohun tó kúrò níbẹ̀ mọ́. Ó tiẹ̀ lè jẹ́ ìlà tí wọ́n kọ iye owó rẹ̀ dáadáa ló máa pa rẹ́, nítorí pé ìsàlẹ̀ ló wà.

Délé_Bódìjà

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà lórí àmì dọ́là. Ní ti Remove Duplicates, ẹ kọ́kọ́ kọ́pì ṣíìtì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ ṣe é lórí ẹ̀dà, mi ò rí ewu níbẹ̀.

Akápò_Àkúrẹ́

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀gbọ́n Ọ̀dítọ̀. Mo ti ṣe é, ti àkọ́kọ́ ò pọ́n mọ́. Àmọ́ nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí kò yé mi. Ó kun àwọn kan tó dá mi lójú pé ẹ̀ẹ̀kan péré la kọ wọ́n. Lọ́jọ́ ìpàdé wa, 7 oṣù kẹfà 2025, àwọn èèyàn sanwó níbi tí a jókòó sí. Méjì lára wọn rèé:

```
100099250607161204482910037715
100099250607161837482910041962
```

Orúkọ yàtọ̀, owó yàtọ̀, ID fúnra rẹ̀ yàtọ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń wò ó yìí. Síbẹ̀ ìkejì pọ́n. Òpó C ti wà ní Text látìbẹ̀rẹ̀, mo rí onígun mẹ́ta aláwọ̀ ewé kékeré ní igun àwọn àpótí náà.

Délé_Bódìjà

Onígun mẹ́ta yẹn ni ìṣòro yín! Ó ń sọ pé nọ́ńbà ni, àmọ́ ẹ fi pamọ́ bí ọ̀rọ̀. Ẹ yan gbogbo òpó, ẹ tẹ àmì ìyanu tó yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ mú Convert to Number. Ó parí.

Ọ̀dítọ̀_Abẹ́òkúta

Akápò, ẹ dákun, ẹ má ṣe é! Bẹ́ ẹ bá ti ṣe é, ẹ tẹ Ctrl+Z kíákíá kẹ́ ẹ tó fi pamọ́.

Excel kì í ju díjíìtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ nínú nọ́ńbà. Díjíìtì 30 ló wà nínú Session ID. Bẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di nọ́ńbà, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́ ni yóò ṣẹ́ kù, ìyókù á di òdo, àpótí á sì máa fi `1.00099E+29` hàn yín. Kíkọ Text sí i padà lẹ́yìn ìyẹn kò ní dá àwọn díjíìtì tó lọ padà. Ẹ̀yin àti rìsíìtì orí WhatsApp lẹ tún máa jọ jókòó. Onígun mẹ́ta yẹn kì í ṣe àṣìṣe níbí, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ mú Ignore Error.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yìí náà ló ṣàlàyé pupa tó yà yín lẹ́nu. COUNTIF ní ìwà kan: bí ohun tẹ́ ẹ fún un bá ti jọ nọ́ńbà, ì báà jẹ́ Text lẹ fi pamọ́, bí nọ́ńbà ni yóò ṣe fi wé ara wọn. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́ ni yóò wò, kò ní rí ìyókù. Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe tò ID yìí. Mẹ́fà àkọ́kọ́ ni kóòdù ilé ìfowópamọ́ tó fi owó ránṣẹ́. Méjìlá tó tẹ̀lé e ni ọdún, oṣù, ọjọ́, wákàtí, ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá. Méjìlá ìkẹyìn ni nọ́ńbà tó dá tíránsífà yẹn yà sọ́tọ̀. Ẹ ka mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú tiyín:

```
100099 250607 16 1
```

Kóòdù ilé owó, 7 oṣù kẹfà 2025, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àti díjíìtì àkọ́kọ́ nínú ìṣẹ́jú. Ibẹ̀ ló dúró sí. Ẹni tó san ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú 12 àti ẹni tó san ní ìṣẹ́jú 18, ọ̀kan náà ni lójú COUNTIF. Gbogbo ẹni tó bá lo ilé owó kan náà láti 16:10 sí 16:19 lọ́jọ́ yẹn yóò pọ́n àfi ẹni àkọ́kọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ọjọ́ ìpàdé ló ṣẹlẹ̀. Duplicate Values tẹ́ ẹ kọ́kọ́ lò, mi ò ní gbára lé òun náà fún irú ID báyìí.

Òdo tó bá wà níwájú kò sí nínú kíkà yẹn. Nítorí náà, ID tí kóòdù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo mẹ́rin, bíi ti ọ̀pọ̀ báńkì ńláńlá, yóò ríran jìnnà díẹ̀ sí i, kì í sì í sábà dà rú. Àwọn tí kóòdù wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1, irú èyí tí àwọn èèyàn ń lò lórí fóònù, ni yóò máa fi yín ṣeré.

Ẹ fi èyí rọ́pò rẹ̀:

```
=SUMPRODUCT(--($C$2:C2=C2))>1
```

Èyí ń fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àmì dọ́là wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀, òye rẹ̀ kò yí padà. Ohun kan ló fi yàtọ̀: COUNTIF máa ń fojú fo àpótí tó ṣófo, SUMPRODUCT kì í ṣe bẹ́ẹ̀, òfìfo méjì jọra lójú rẹ̀. Nítorí náà, èmi máa ń kọ ọ́ sí òpó tiẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ jẹ́ ká ní E2, kí n sì fà á wálẹ̀:

```
=IF(C2="","",IF(SUMPRODUCT(--($C$2:C2=C2))>1,"TÚN WỌLÉ",""))
```

Ọ̀rọ̀ nínú òpó dára ju àwọ̀ lásán lọ, torí ẹ lè fi Filter yọ gbogbo "TÚN WỌLÉ" jáde, kẹ́ ẹ sì lo SUMIFS láti mọ iye owó tí wọ́n fi lé ìwé. Bẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ pupa, ẹ kọ `=$E2="TÚN WỌLÉ"` sínú Conditional Formatting.

Délé_Bódìjà

Háà. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Nọ́ńbà àkáǹtì àti BVN nìkan ni mo máa ń fi ṣe é, ìdí nìyẹn tí mi ò fi tíì rí i.

Ọ̀dítọ̀_Abẹ́òkúta

Bẹ́ẹ̀ ni, àkáǹtì jẹ́ mẹ́wàá, BVN jẹ́ mọ́kànlá, wọn ò dé ibi tí COUNTIF ti ń ṣú lójú. Àmọ́ tókìnì iná mànàmáná, tó jẹ́ díjíìtì 20, ti kọjá ibẹ̀.

Ọmọ_Àjàṣẹ́

Ẹ kú ìjókòó o. Láti Àjàṣẹ́ ni mo ti ń kọ̀wé, ní Bẹ̀nẹ̀. Mo gbìyànjú fọ́múlà ẹ̀gbọ́n, Excel tèmi kọ̀ ọ́. Faransé ni tiwa ń sọ. Fún ẹni tó bá wà nírú ipò mi, bó ṣe yẹ kó rí nìyí, ẹ kíyè sí i pé àmì tó wà láàárín kì í ṣe kọ́mà:

```
=SI(C2="";"";SI(SOMMEPROD(--($C$2:C2=C2))>1;"TÚN WỌLÉ";""))
```

COUNTIF tiyín ni NB.SI tiwa. Àmọ́ ìbéèrè tèmi rèé. Ẹgbẹ́ èsúsú la ní, nọ́ńbà fóònù la fi ń mọ èèyàn. Láti 30 oṣù kọkànlá 2024 ni nọ́ńbà fóònù wa ti kúrò ní díjíìtì mẹ́jọ di mẹ́wàá, wọ́n fi 01 síwájú gbogbo rẹ̀. Àwọn kan wà nínú ìwé wa pẹ̀lú mẹ́jọ ti àtijọ́, wọ́n tún wà pẹ̀lú mẹ́wàá tuntun, àwọn kan tún fi àlàfo sáàárín. Fọ́múlà yìí kò mú ẹnì kankan nínú wọn.

Ọ̀dítọ̀_Abẹ́òkúta

Ọmọ Àjàṣẹ́, ẹ káàbọ̀. Kò lè mú wọn, torí lójú rẹ̀ wọn ò jọra. Ẹ kọ́kọ́ sọ gbogbo nọ́ńbà di irú kan náà nínú òpó mìíràn. Ẹ yọ àlàfo kúrò, kẹ́ ẹ mú mẹ́jọ tó wà lẹ́yìn pátá. Bí fóònù bá wà ní B, F2 lẹ máa kọ èyí sí:

```
=DROITE(SUBSTITUE(B2;" ";"");8)
```

Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ka F, ẹ má ka B mọ́: `=NB.SI($F$2:F2;F2)>1`. Díjíìtì mẹ́jọ péré ni, NB.SI kò ní ṣi yín lọ́nà níbẹ̀. Àwa tó wà ní Nàìjíríà náà lè ṣe irú rẹ̀ sí 080 àti +23480, mẹ́wàá ẹ̀yìn ni ká mú.

Tóyọ̀sí_Ṣágámù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, mo fẹ́ kí Akápò mọ èyí kó tó bá a. Tẹ́ ẹ bá ti fi Ctrl+T sọ ṣíìtì yín di Table, `$C$2:C2` máa ń yíwọ́ bẹ́ ẹ bá ń fi ìlà tuntun sí ìsàlẹ̀. Mo ṣí fọ́múlà ìlà kan wò, mo rí i pé òpin rẹ̀ ti sáré lọ sí ìlà tuntun, dípò kó dúró sórí ìlà tirẹ̀. Ó wá ń kun ojúlówó. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe, mo kàn yí Table padà sí ṣíìtì lásán ni.

Ọ̀dítọ̀_Abẹ́òkúta

Òótọ́ ni Tóyọ̀sí sọ. Ẹ lè fi Table sílẹ̀ bó ṣe wà, kẹ́ ẹ fi orúkọ òpó pè é dípò C2. Ká ní Session lorúkọ òpó náà:

```
=SUMPRODUCT(--(INDEX([Session],1):[@Session]=[@Session]))>1
```

`INDEX([Session],1)` ni àpótí àkọ́kọ́ nínú òpó, `[@Session]` ni ti ìlà tẹ́ ẹ wà. Èyí kì í yíwọ́.

Ẹ tún fi èyí sọ́kàn: "àkọ́kọ́" níbí ni èyí tó wà lókè, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kọ. Bẹ́ ẹ bá to ṣíìtì náà nípa orúkọ tàbí iye owó, àmì lè kúrò lórí ìlà kan bọ́ sórí èkejì. Bó bá ṣe pàtàkì fún yín láti mọ ẹni tó tún un kọ, ẹ ní òpó nọ́ńbà, 1, 2, 3, tí kò sí fọ́múlà nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ fi í to ṣíìtì padà kẹ́ ẹ tó wo àmì.

Délé_Bódìjà

Lójú tèmi, ẹ kàn sọ òpó E di ọ̀rọ̀ lásán, ẹ kọ́pì, kẹ́ ẹ fi Paste Values lẹ̀ ẹ́ padà síbẹ̀. Kò sí títò tó lè ṣí i nípò mọ́.

Ọ̀dítọ̀_Abẹ́òkúta

Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ìlà tuntun tí wọ́n bá kọ lọ́la kò ní ní àmì. Bí oṣù bá ti parí, mo gbà pẹ̀lú yín. Nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ ọ́, rárá.

Délé_Bódìjà

Ọwọ́ mi yá sí tèmi, àmọ́ kí Akápò yan èyí tó bá rọrùn fún un.

Akápò_Àkúrẹ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Àwọn tó san lọ́jọ́ ìpàdé ti padà sí funfun. Ẹ jọ̀ọ́, mo rí ìlà méjì kan tí orúkọ bára mu, déètì bára mu, ₦15,000 ni iye méjèèjì, àmọ́ E kò sọ nǹkan kan. Mo fura pé rìsíìtì kan náà ni.

Ọ̀dítọ̀_Abẹ́òkúta

Ẹ kọ `=LEN(C2)` sí òpó kan, ẹ fà á wálẹ̀. 30 ló yẹ kí gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bó bá jẹ́ 31, àlàfo ló bá ID wọlé nígbà tí wọ́n kọ́pì rẹ̀ láti WhatsApp; bó bá jẹ́ 29, ẹnì kan fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, díjíìtì kan já bọ́. TRIM lè yọ àlàfo lásán. Bí TRIM kò bá yọ ọ́, irú àlàfo mìíràn ni, `SUBSTITUTE(C2,CHAR(160),"")` ni yóò yọ ìyẹn.

Akápò_Àkúrẹ́

29 ni ọ̀kan! Akọ̀wé fọwọ́ kọ ọ́ láti inú fọ́tò ni.

Ọ̀dítọ̀_Abẹ́òkúta

Ó dáa. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé 7 ló fi rọ́pò 1, LEN á ṣì sọ 30, kò sí fọ́múlà ID tó máa mú un. Fún irú ìyẹn, ẹ fi àwọ̀ yẹ́lò, kì í ṣe pupa, sí ìlà tí déètì, orúkọ àti owó rẹ̀ bá ti hàn lókè tẹ́lẹ̀:

```
=COUNTIFS($A$2:A2,A2,$B$2:B2,B2,$D$2:D2,D2)>1
```

Ìfura lásán ni, kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ pe ẹni náà kẹ́ ẹ tó fagi lé nǹkan kan.

Ìyá_Ìbejì_Ìlá

Ẹ ṣeun fún gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. Bí èèyàn bá san ti ara rẹ̀ àti ti ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà láti fóònù kan náà, ṣé kò ní jọ ọ́?

Ọ̀dítọ̀_Abẹ́òkúta

Yóò jọ ọ́ gan-an, Màmá, bí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ̀ sí méjèèjì. Session ID méjèèjì yóò yàtọ̀ ṣáá. Orí ìyẹn ni ká dúró sí.

Akápò_Àkúrẹ́

Ó ku ẹyọ kan. Rìsíìtì oṣù karùn-ún tí wọ́n tún fi ránṣẹ́ lóṣù kẹfà ńkọ́? Ṣíìtì oṣù karùn-ún dá wà, May ni mo pè é.

Ọ̀dítọ̀_Abẹ́òkúta

Níbẹ̀, èyí àkọ́kọ́ nínú ṣíìtì oṣù kẹfà pàápàá yẹ kó gba àmì, torí ojúlówó rẹ̀ wà ní May. Ẹ kọ èyí sí òpó G:

```
=ISNUMBER(MATCH(C2,May!$C$2:$C$600,0))
```

TRUE ni èyí tó ti wà lóṣù tó kọjá. MATCH kì í ṣe bíi COUNTIF, ọ̀rọ̀ ló ń fi wé ọ̀rọ̀, àmọ́ òpó C gbọ́dọ̀ jẹ́ Text nínú ṣíìtì méjèèjì. Bí ti May bá ti di `E+29`, kò ní rí nǹkan kan, FALSE ni yóò máa sọ fún yín láti òkè délẹ̀. Ẹ lọ wo ti May ná.

Akápò_Àkúrẹ́

Mo ti ṣí i. `E+29` ló kún ibẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ o, láti ìlà 340 lọ sísàlẹ̀. Mo ti ní kí akọ̀wé wá àwọn rìsíìtì náà padà lórí WhatsApp.